Ọjọ́ tí mo gbé ọlidé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́

Ọmọ méjì ni mo ní, ọkùnrin ọdún 15 àti obìnrin ọdún 13. Lọ́dún tó kọjá tá a lọ lo ọlidé ní Àkúrẹ́, bàbá wọn ló ṣètò gbogbo ẹ̀, agogo méje àárọ̀ ká ti wẹ̀ ká ti jẹun, àwọn yìí ò sì gbójú sókè lórí fóònù láti Èkó títí a fi padà, ìbéèrè wọn ò ju ìgbà wo la máa lọ sílé.

Lọ́dún yìí mo ní kí wọ́n mú ibi tó bá wù wọ́n. Ọmọkùnrin ní Dúbáì, àbúrò ẹ̀ ní kí n fi òun sílé jẹ́ẹ́jẹ́. Mo wá rí i pé èmi ni mi ò béèrè ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mo tún un ṣe, mo sọ fún ọmọkùnrin pé: ọjọ́ mẹ́rin la máa lò ní Àkúrẹ́, ọ̀kan jẹ́ tìẹ, ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò ẹ, méjì tó kù jẹ́ ti èmi àti dádì yín. 40,000 náírà lowó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wa, epo mọ́tò ò sí nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìrìn wákàtí méjì lọ, ká sì ti padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó lọjọ́ ló máa wádìí iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá ti bá ìyẹn mu, mi ò ní sọ pé rárá.

Àìní sọ pé rárá yẹn ló le jù o. Ọmọkùnrin mú Òkè Ìdànrè, ó ní agogo méjìlá la máa lọ torí òun fẹ́ sùn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600! Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé oòrùn á wà, mo dákẹ́. A ò tíì dé ibi ìsinmi kẹta tómi fi tán, òun náà ló jókòó tó ní, "Mọ́mì, ó yẹ ká ti wá láàárọ̀." "Ṣebí mo sọ fún ẹ" ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ìjà la ò bá gbé sọ̀kalẹ̀. Nígbà tá a dókè tán, òun ló ń bi ẹni tó mú wa káàkiri nípa ààfin àtijọ́ ibẹ̀.

Àbúrò ẹ̀ mú omi Olúmirin tó ń dà láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ipele kìíní ló sì dúró sí. Méje ni ipele yẹn, bàbá wọn fẹ́ gòkè, ó ń kùn pé ṣé ibí náà la rìn wá, mo ní dádì, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ẹ̀ nìyí. Wákàtí méjì gbáko ló fi wà nínú omi, kò bèèrè fóònù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ní Ìkógòsì ni tèmi lọ́la. Ọmọkùnrin ní ká kúrò ní agogo méje àárọ̀, kóòrùn má bàa ká wa mọ́ ọ̀nà. Bàbá ẹ̀ kàn wojú mi.