Oko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Ìjùmú: ojú kan ṣoṣo ni omi ti ń já ebè

Òjò àná ló jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí tètè jáde. Ìlà òkúta méjèèjì dúró gbọn-in, ebè apá òkè náà ò mì. Àfi ibi kòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba àárín oko kọjá, níbi tí ọ̀nà màlúù àtijọ́ wà. Níbẹ̀, ebè mẹ́fà já tẹ̀lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi sì ti gbẹ́ ọ̀nà tóóró kan tó jìn tó ọwọ́ kan dé ìgúnpá.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìròyìn iṣẹ́ tó ti parí. Ìlà òkúta: ó parí, òkúta tó tóbi jù ló wà nínú yàrà jíjìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, gíga rẹ̀ sì tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Koríko fẹtifa: ìlà kìíní ti kún, ìlà kejì ku ìdajì. Ẹ̀gúsí tí a gbìn sáàárín ẹ̀gẹ́ ti ń tàn bo ilẹ̀ dáadáa. Ó tán.

Ó wá ku ojú kòtò yẹn. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ bí ebè ṣe já, torí ọ̀nà méjì ló wà, àtúnṣe wọn ò sì jọra. Bí omi bá gun orí ebè kọjá, ẹnu ibi tó já máa ń fẹ̀ lókè, á tóóró nísàlẹ̀, yanrìn ńlá á sì tẹ́ rẹrẹ sínú poro tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ebè ni omi gbà jáde, bóyá ihò èkúté tàbí gbòǹgbò tó ti jẹrà, ihò á kọ́kọ́ wà ní ìdí ebè, kí orí tó wó lé e. Ti àná yìí, ẹnu fẹ̀ lókè, yanrìn sì wà nílẹ̀. Omi ló gun orí ebè. Ebè kìíní já, omi poro rẹ̀ ya lu èkejì, èkejì ò lè gba ti ara rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, òun náà já. Báyìí ni ó ṣe ń le sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ebè kẹfà ni ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo omi poro ń wá. A kọ ebè ní ìbú òkè, ó tọ́. Àmọ́ bí ìlà ebè bá dé kòtò, tí kò bá yí gòkè kí ó lè máa wà ní ìpele kan náà, poro á lọ sísàlẹ̀ síbẹ̀, omi á sì kó jọ. Bí orí ebè bá ga ju omi lọ ní ibòmíràn pẹ̀lú ogún sẹ̀ǹtímítà, ó lè má ju márùn-ún lọ nínú kòtò. Ojú náà ni òjò ńlá máa ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é, torí òun ló jẹ́ ká yí ètò padà. Ìṣirò tí Wischmeier àti Smith gbé jáde ní 1965, tí wọ́n tún ṣe ní 1978, ni gbogbo wa ń lò:

```
A = R × K × L × S × C × P
LS = (λ/22.13)^0.5 × (65.41 sin²θ + 4.56 sinθ + 0.065)
```

A ni iye ilẹ̀ tí omi ń wọ́ lọ lọ́dún, bí a bá ṣírò ọdún púpọ̀ pọ̀. R jẹ́ agbára òjò, K jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe rọrùn fún omi láti tú. Nínú ìlà kejì, tó ń fún wa ní L × S, λ jẹ́ gígùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní mítà, θ sì jẹ́ igun bó ṣe dà sí. Kò sí àgbẹ̀ tó lè yí R padà, K náà kì í yí kíákíá: ilẹ̀ oníyanrìn wẹ́wẹ́ tí kò ní èérún ewé jẹrà púpọ̀ á máa tú, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ lójú kì í tú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjà wa wà lórí gígùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ (L), bó ṣe dà sí (S), ohun tó bo ilẹ̀ (C) àti ọ̀nà tí a gbà dá ilẹ̀ dúró (P).

Oko yìí gùn ní 90 mítà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dà ní mítà mẹ́wàá fún ọgọ́rùn-ún mítà. Bí a bá fi òró kọ ebè, LS jẹ́ 2.35, P jẹ́ 1. A wá fi ìlà òkúta méjì gé e sí mẹ́ta, ọgbọ̀n mítà sí ọgbọ̀n mítà: LS bọ́ sí 1.36. Kíkọ ebè ní ìbú lórí ilẹ̀ tó dà báyìí ń fún P ní 0.6. Bí a bá sọ ìyẹn di púpọ̀, 1.36 × 0.6 jẹ́ 0.82. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tó ń lọ ti bọ́ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀gúsí àti ewé tó bo ilẹ̀ tó kan ohunkóhun sí i.

Ìdí tí a fi ní láti gé e ṣe pàtàkì ju iye náà lọ. P tó jẹ́ 0.6 yìí ní ààlà. Ìwé 1978 náà sọ pé lórí ilẹ̀ tó dà láàárín mẹ́sàn-án sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ má gùn ju nǹkan bí mítà mẹ́rìndínlógójì kí ebè ìbú tó lè gbà á. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á pọ̀ ju ohun tí poro lè gbé, ebè á já, P á sì padà di 1. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ aládùúgbò, tí wọ́n fi ìbú kọ ebè lórí òkè gígùn láìsí ìlà kankan, fi ń já lọ́dọọdún, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ebè ìbú ò dára.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tó dára jù lójú wa yìí. Ìlà òkúta kì í dí omi pátápátá, omi ń sẹ́ gba àárín rẹ̀. Nínú ìṣirò, gígùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun kìkì níbi tí omi ti dẹ̀ tó láti tú ẹrẹ̀ sílẹ̀, tàbí níbi tí ó ti wọ ọ̀nà omi tí a là fún un. Bí ẹrẹ̀ bá kó jọ lókè ìlà, gígùn ti gé. Bí kò bá kó jọ, òkúta yẹn kàn dúró lásán. Ìlà kìíní ti ní ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ga tó ìka méjì, ó ti gé. Ìlà kejì, ní ojú kòtò, kò ní ẹrẹ̀ rárá, yanrìn ńlá ló wà níbẹ̀, àmì pé omi ṣì ń sáré.

Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí a di poro pa, kí a sì máa fi ilẹ̀ díẹ̀ ṣe ìdènà ní mítà méjì sí mítà méjì, kí omi má baà lè rìn dé kòtò. A ti bẹ̀rẹ̀ lórí ebè mẹ́ta. A dá a dúró lálẹ́ àná. Ilẹ̀ ibí yìí ò jìn: ọkọ́ ń kan àpáta láìpẹ́. Ilẹ̀ tí kò jìn á kún fún omi kíákíá, omi tí a dì mọ́lẹ̀ kò ríbi wọ̀, á sì gun orí ebè ní ibi púpọ̀ dípò ojú kan. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni, dídí poro á dára, bí a bá fi ìdènà sílẹ̀ kí ó kéré ju orí ebè lọ, kí omi tó kún lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro dípò kí ó já ebè.

Nítorí náà, kòtò yẹn ni a ó sọ di ọ̀nà omi gidi. A kò ní kọ ebè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Ìbú rẹ̀ á tó mítà mẹ́ta, ìdí rẹ̀ á tẹ́ dáadáa, kò gbọdọ̀ rí bíi yàrà. Koríko bahama á bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì gbìn ín kí a tó darí omi sí i. Ibi tí ìlà òkúta gba inú rẹ̀ kọjá, a ó sọ òkúta náà kalẹ̀ kí ó bá ilẹ̀ mu. Poro á wá máa rọra dà wọ inú rẹ̀ láti apá méjèèjì: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní mítà mẹ́wàá. Bó bá dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, poro fúnra rẹ̀ á di ọ̀gbàrá.

Wíwọ̀n ìyẹn rọrùn pẹ̀lú igi tó rí bíi lẹ́tà A, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi mítà méjì jìnnà síra. Ẹ so òkúta mọ́ okùn láti orí rẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sàmì sí ibi tí okùn kan igi àárín. Ẹ wá yí ẹsẹ̀ padà sí ojú kan náà, kí ẹ sàmì kejì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ni ìpele. Láti wá dídà díẹ̀ yìí, ẹ so pákó tó nípọn sẹ̀ǹtímítà kan mọ́ ẹsẹ̀ tó máa wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa rìn títí okùn fi bọ́ sí àmì ìpele. Bí atẹ́gùn bá ń mì okùn, rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò dára jù lọ, pàápàá ní ẹgbẹ́ kòtò.

Ọ̀rọ̀ fẹtifa náà rè é, ẹ jọ̀ọ́, torí àwọn kan ń béèrè ibi tí a ti rà á. Ẹni tó ń tà á kó ìṣù náà wá nínú àpò, gbòǹgbò ti gbẹ lára ìdajì rẹ̀. Ẹ má gba èyí tó gbẹ. Ẹ fa ewé ìta. Bí inú rẹ̀ bá funfun tó sì tutù, ó wà láàyè. Kí èèhù méjì sí mẹ́ta wà lára ìdì kan, ẹ gé ewé rẹ̀ sí ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra. Àlàfo kan tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìlà ni omi máa ń gbà, yóò sì gbẹ́ ibẹ̀. Ó máa ń gbà á tó òjò ọdún kan sí méjì kí ìlà tó dí.

Ohun tí ìṣirò yìí kò ṣírò ni ọ̀gbàrá jíjìn, irú èyí tó wà nínú kòtò wa báyìí. Ilẹ̀ tí omi tẹ́ bẹẹrẹ ń fọ̀ àti ojú omi wẹ́wẹ́ ni ó ń kà. Nítorí náà, bí a bá rí iye tó dára nínú ìwé, kòtò ṣì lè máa jìn sí i. A ti gún ìṣó gígùn mọ́lẹ̀ láàárín ìlà òkúta, orí wọn bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí ojú ilẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ ní mílímítà kan káàkiri hẹ́kítà kan, ilẹ̀ tó lọ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́tàlá. Fún kòtò, okùn tí a ta láti ẹgbẹ́ kan dé èkejì ni a fi ń wọ̀n jíjìn rẹ̀ ní ojú márùn-ún. Koríko bahama á dé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí a tó gbìn ín a ó kọ́kọ́ kó yanrìn tó wà nínú poro kẹfà padà sórí ebè.