Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-bọ̀

Alẹ́ Sátidé.

Aago kan ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Aago méjì ló yẹ ká pàdé ní Bódìjà. Mo ti wẹ̀, mo ti wọṣọ, irun tí mo fi wákàtí mẹ́rin jókòó dì lánàá ṣì ń ro mí lórí. "Ìyàwó mi, má bínú, nǹkan kan yọjú níbi iṣẹ́. Mò ń bọ̀, jàre."

Ẹ̀rín ló pa mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń jáde nílé ló máa ń ní "mò ń bọ̀". Ó ti kẹ̀yìn sí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ bíbọ̀ ló ń sọ. Láti ọ̀sán yìí ni mo ti ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-bọ̀ nínú ọkàn mi.

Níbi ìgbéyàwó kan l'Ábẹ́òkúta la ti pàdé, nínú oṣù Kẹta. Èkó ló ń gbé, Ìbàdàn ni mo wà. Kò sí alẹ́ tí kì í pè. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń yọ mí lẹ́nu, ó mọ̀ pé n kì í jẹ ẹja tútù. Tí mo bá wúkọ́ lórí fóònù lónìí, á bi mí lọ́la bóyá mo ti lo oògùn. Ẹni tó bá ní kò fẹ́ràn mi, irọ́ ló pa. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Ká ní kò bìkítà ni, mi ò bá ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣètò iṣẹ́ kíláàsì, mo kọ gbogbo àdéhùn wa sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mẹ́fà ni. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọkọ̀ ojú irin ló fẹ́ wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta wá sí Moníyà, ṣùgbọ́n kò bá a. Ó pè mí kí n tó kúrò nílé, kò fọ̀rọ̀ gùn, ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ̀ àárọ̀ yìí kan náà." Sátidé yẹn pé, ó sì wá. Ìyẹn ni ìkejì. A rìn yí Ọgbà Àgódi ká, a jẹ àgbàdo sísun, nígbà tí bàtà mi bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lẹ́sẹ̀ ó gbé e dání fún mi, mo ń fẹsẹ̀ lásán rìn bí ọmọdé. Mo gbà pé mo rò ó ju bó ṣe yẹ lọ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, òjò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, èmi fúnra mi lọ síbi ìkómọ ní Àgége, ó ní òun á wá gbé mi ní aago mẹ́rin, mo sì jókòó ti àpò mi títí di aago mẹ́fà, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Ìkẹfà ni tòní.

Mi ò fẹ́ yẹ àwíjàre náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn lè jẹ́ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ènìyàn ń ṣàìsàn, gbogbo wa sì mọ bí òjò Èkó ṣe ń rọ̀. Ohun tí mo rí nígbà tí mo tò wọ́n síwájú ara mi ni pé ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ tuntun lẹ́nu. Àwọn yòókù, ẹ̀bẹ̀ ni, àdúrà ni, ohùn dídùn oníṣẹ́jú mẹ́ta lórí Wọ́sáàpù ni. Lẹ́yìn ti òjò, ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ránṣẹ́ pé kí n fi ṣe irun. (Mo gbà á o, mi ò ní purọ́.) Owó náà ló jẹ́ kí n má lè bínú, ó sì dà bíi pé òun náà ti san gbèsè rẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń dá ọjọ́. Tòun ni kó gbà, kó sì yẹ̀ ẹ́. Wákàtí tó ń sọ fún mi sì ń sún mọ́ àdéhùn sí i: àkọ́kọ́, àárọ̀ kùtù, ti òjò, aago mẹ́wàá, tòní, ogójì ìṣẹ́jú péré ló kù. Iṣẹ́ tó gba gbogbo Sátidé ènìyàn, ṣé ọ̀sán lèèyàn ń tó mọ̀ ọ́n?

Mo pe àbúrò mi tó ka sáíkọ́lọ́jì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹlé kan fún yín." Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, fi ẹyẹlé sínú àpótí tí ẹyẹ náà ti lè fẹnu sọ bọ́tìnnì kan kó rí oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí oúnjẹ bá tán, kì í pẹ́ tí ẹyẹ yóò fi jáwọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jáde, láìní òǹkà, ẹyẹ náà á ṣì máa sọ ọ́ títí lẹ́yìn tí oúnjẹ ti dáwọ́ dúró pátápátá.

"Èmi wá ni ẹyẹlé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Ọgbà Àgódi ni ọkà tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, oṣù mélòó ni mo ti ń sọ bọ́tìnnì nítorí rẹ̀?

Ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní òpùrọ́, nítorí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Olùkọ́ kan níléèwé wa ti pè mí sílé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹta tayọ̀tayọ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa ń dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tí ọjọ́ bá wá pé, á kún bí tòní ṣe kún, ni mo bá wá ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo ń gbà, mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó jọ pé adùn ìlérí ló tó Ọ̀gbẹ́ni náà. Ó máa ń jẹ ẹ́ tán lórí fóònù lálẹ́, kò ku ohun tó fẹ́ wá jẹ ní Bódìjà.

Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, "ẹ" ni mo ń pè é, "ẹ" yẹn sì máa ń jẹ́ kó nira láti bá a wí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ: "Mo ti gbọ́. Èmi ò ní dá ọjọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, kí n sì gbọ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Tí mi ò bá gbọ́, màá ti ṣètò nǹkan mìíràn."

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáhùn. "Hà, ìyàwó mi! Ó ń bínú! Bínú díẹ̀, o máa ń rẹwà tó o bá ń bínú." Lẹ́yìn náà, ọkàn pupa mẹ́rin. Mo wá ọjọ́ nínú rẹ̀, mo tún un kà. Kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè, kò sí aago kankan.

Mo gbé àpò mi, mo lọ sí Bódìjà. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin, èrò ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ alámàlà. Mo ní kí wọ́n fi gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, ẹran ògúnfe méjì, ṣàkì kan. Mo rí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Mo ti jẹun dé ìdajì nígbà tí bàbá kan tó gbé àwo rẹ̀ dání dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ sí àga kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ń bọ̀ níbí?"

"Rárá, sà," mo ní. "Ẹ jókòó."