Ìbéèrè kan tó yẹ kó bi mí

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀dá tó ń tẹ̀wé yẹn lórí Wọ́sáàpù kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù: ojú ewé 1 dé 12, ẹ̀dà méjì, dúdú àti funfun, pépà A4. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò sọ ni bóyá ẹ̀gbẹ́ kan pépà ni kó tẹ̀ ẹ́ sí àbí méjèèjì, kò sì bi mí ìyẹn o! Ó ní ṣé aláwọ̀ ni, ó ní ẹ̀dà mélòó, ó tún ní ṣé gbogbo ojú ewé ni, ṣé ó dá mi lójú, mo kàn ń tún ohun tó wà lójú fóònù ẹ̀ sọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì lépo. Inú bí mi gan-an, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré.