Ìtàdógún Alájà, Ìtàdógún Tèmi

Kóòtù ni mo wọ̀ lọ sí ọjà Òjè n'Íbàdàn láàárọ̀ Túsìdeè. Mi ò bá ẹnì kankan níbẹ̀ àfi òbúkọ kan tó wò mí láti orí dé bàtà. Díẹ̀ ló kù kí n kí i.

Ẹ mọ̀ pé àjákù òfì ni mo fi ń ṣe báàgì. Níbi ìpàdé oníṣòwò kan ní Mọ́kọ́lá, lọ́jọ́ Sátidé, mo pàdé Alájà kan tó ń ta òfì. Láti ọjà Òjè ni wọ́n ti wá lọ́jọ́ náà, àjákù sì kún ilé wọn.

Àbí ta ló mọ ìdágbére jù mí lọ? Gbogbo ayé ni mo máa ń sọ fún pé "a ó máa ríra" kì í ṣe àdéhùn, àdúrà ni. Nítorí náà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn ni mo dìde. Mo dúpẹ́ àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lórí sányán, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo fetí sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé àpò àjákù kan wá, kí n gbé báàgì méjì wá, ká wo bí yóò ṣe rí. Nǹkan kékeré lèèyàn ń kọ́kọ́ béèrè. Ká ní gbogbo àjákù ilé wọn ni mo béèrè, "Ọlọ́run á ṣe é" ni ǹ bá gbọ́.

Alájà ní, "Kò burú. Ìtàdógún òní, lọ́jà."

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ọ̀la ni èmi ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà! Òní ni Yorùbá fi ń ṣe ọjọ́ kìíní. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ná ọjà ìtàdógún ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra. Mọ́ńdè lọjà ná.

Mo pè wọ́n níwájú òbúkọ. "Àná la retí rẹ títí ọjà fi tú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kì í ka òní mọ́ ọn?"

Mo bẹ̀bẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní, "Mà, Ọjọ́bọ̀ ni àbí Sátidé, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Bí èmi nìkan bá dájọ́, "kò burú" náà ni wọn ó fi dá mi lóhùn, "kò burú" àgbà kì í sì í ṣe "mo gbà" nígbà gbogbo. Sátidé ni wọ́n fẹnu ara wọn mú, aago mẹ́wàá, nílé wọn. Mi ò kúrò lójú kan náà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: ọjọ́, aago, àpò kan, báàgì méjì.

Ohùn ni wọ́n fi dáhùn. Àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó wá ku ẹyọ gbólóhùn kan: "Ọjọ́ márùn-ún òní nìyẹn o."

Mo fìka kà á lójú òbúkọ. Túsìdeè ni mo fi àtàńpàkò kà.