Orin tí mo yàn lẹ́yìn ìjà wa

Ọjọ́ kẹfà rèé tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti padà dé etí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi orin kan ránṣẹ́ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn, àárò ọ̀rẹ́ ló ń sọ, mi ò sì gbọ́ ọ dópin kí n tó fi ránṣẹ́. Àṣé nínú ẹsẹ kejì, akọrin náà ń béèrè ohun tó dé tí ẹnì kejì rẹ̀ fi já òun sílẹ̀. Èsì tí mo rí gbà kò ju ìlà kan lọ: "Ṣé èmi ni mo wá já ẹ sílẹ̀ báyìí?"

Lálẹ́ àná, mo jókòó gbọ́ àwọn orin mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ń ka ẹ̀sùn sí ẹnì kejì lẹ́sẹ̀, mo yọ ọ́. Mo yọ àwọn tó ń sunkún jù náà, torí wọ́n á fẹ́ kí ẹni tí mo ṣẹ̀ wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. "Lean on Me" tí Bill Withers gbé jáde ní 1972 ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀dùn tó ń bá gbogbo wa ló fi bẹ̀rẹ̀, kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Dùùrù ibẹ̀ ń gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dó, ré, mí, fá, ó sì tún ń sọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sábà fò. Ẹni tí kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ lè máa kùn ún lẹ́nu láìmọ̀.

Ó wá mú ìwé rẹ̀ lónìí. Mo ti tan orin náà sílẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí a ó fi gbọ́ ara wa, mi ò sì ní kó gbọ́ ọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwé náà mọ́ àyà. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́.

Bó ṣe parí ni mo pa fóònù kí òmíràn má bàa gba ibẹ̀. Orin kò lè bá mi sọ èyí tó kù. Mo ní, "Àṣírí rẹ ni mo tú. O ní kí n má sọ, mo sì sọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta lo tún sọ fún?"

"Ẹnì kan yẹn náà ni."

Ó fa àga, ó jókòó, ó wá ń sọ bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò tan orin kankan mọ́.