Àkọlé ímeèlì Iléyá tó tajà fún mi ní 2025

Bí mo ṣe ń ṣírò ọdún yìí, àkọlé ímeèlì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló dójú tì mí, òun náà ló sì padà tajà fún mi.

Nígbà Ìtúnu Àwẹ̀, lópin oṣù Kẹta, mo kọ̀wé sí àwọn oníbàárà 612 tó ti ra àdìrẹ tàbí léèsì lọ́wọ́ mi rí. Àkọlé rẹ̀ nìyí: “ẸDÍNWÓ ŃLÁ!!! Ẹ MÁ JẸ̀Ẹ́ KÓ FÒ YÍN!!!” Èèyàn 58 péré ló ṣí i. Ìyá kan ní Òkè-Fìà, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́, sọ pé òun ti tẹ “Report spam” sí i, pé òun rò pé oníjìbìtì ni. Ó dùn mí gan-an. Mo gba fóònù wọn wò: ariwo nìkan ló hàn níbẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí ọjọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì yẹn bá pọ̀, Gmail á bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ímeèlì wa tó kù náà sí sípáàmù. Wọn ò fẹ́ kí ó dé 0.3%, ìyẹn ẹni mẹ́ta nínú 1,000.

Kí Iléyá tó dé, mo ro ohun tó ń ká àwọn èèyàn wa lára gan-an. Ẹni tó fẹ́ fi aṣọ tuntun lọ kírun ní yídì mọ̀ pé ẹ̀rù télọ̀ ju ẹ̀rù owó lọ. Tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ télọ̀ kì í gba aṣọ mọ́. A ò sì tíì rí oṣù nígbà yẹn, n ò lè kọ ọjọ́ Iléyá sílẹ̀ bí ẹni tó dájú. Ọjọ́ tí màá dẹ́kun ẹdínwó, 20 oṣù Karùn-ún, ni mo dì mú.

Mo yọ àdírẹ́sì 12 tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo pín 600 tó kù sí méjì, orúkọ kan síbí, èyí tó tẹ̀ lé e sọ́hùn-ún, kí àwọn oníbàárà àtijọ́ má baà kó jọ sápá kan. Apá kìíní gba “Ẹdínwó 20% lórí aṣọ Iléyá”. Èkejì gba “Aṣọ Iléyá, kí iṣẹ́ tó kún ọwọ́ télọ̀”. Orúkọ mi, wákàtí tí mo fi ránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá.

Èèyàn 57 ló ṣí ti ìkíní, 96 ló ṣí ti ìkejì. Ká ní 57 àti 63 ni, n ò ní gbà á gbọ́, torí kò sí ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ju orí ire lọ. Mo tún wo àwọn tó rajà, nítorí láti 2021 ni Apple Mail ti lè ṣí ímeèlì fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á. Márùn-ún rà ní ìkíní, 17 ní ìkejì.

Ìtúnu Àwẹ̀ 2026 yóò bọ́ sí nǹkan bí 20 oṣù Kẹta. Ìparí oṣù Kejì ni màá kọ̀wé, télọ̀ ni yóò sì wà nínú àkọlé rẹ̀.