Ọ̀nà ni àbí ọnà?

Lánàá, díẹ̀ ló kù kí n sọ orúkọ ìdílé kan di nǹkan mìíràn. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá arúgbó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń tẹ̀. "Onasanya" ni wọ́n kọ ránṣẹ́, láìsí àmì kankan. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo fi àmì sí i: Ọ̀nàsànyà. Mo ti rò ó lọ́kàn pé baba ńlá wọn rìnrìn àjò jìnnà, ọ̀nà sì san ìyà rẹ̀ fún un.

Àbúrò olóògbé wò ó, ó ní, "Pè é kí n gbọ́." Mo pè é. "Rárá o. Re, dò. Ìwọ ń pe dò, dò." Ó fi ẹnu kùn ún fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọnà ni, iṣẹ́ ọnà. Ilẹ̀kùn ni baba ńlá wọn ń gbẹ́, òun ló sì fi jẹun. Ìgbà yẹn ni mo rántí Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Ọnà kan náà ló wà níwájú orúkọ tirẹ̀.

Mo bi bàbá mi nípa orúkọ Abíọ́nà, torí ohùn òkè wà lórí ọ tirẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀nà ni ìyẹn. Abí-sí-ọ̀nà. 'Sí' ti lọ, ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀."

Mo yọ àmì kan ṣoṣo kúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìwé àkọ́wò nìkan ni mo tíì tẹ̀.